Omi aládùúgbò ń ya wọ ọgbà mi: ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Màmá Ṣadé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Èkó ni mo ń gbé. Bí òjò bá ti rọ̀ fún bíi wákàtí kan, omi á kún ọgbà mi títí dé àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Aládùúgbò tó wà lápá ìsàlẹ̀ mi da kọnkéré lé gọ́tà iwájú géètì rẹ̀ kí mọ́tò lè máa wọlé, àtìgbà yẹn ni ìyọnu yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà lápá òkè náà tún ti paìpù gba inú fẹ́ǹsì, ó kọjú rẹ̀ sí mi. Mo kọ̀wé sí káńsù, wolé-wolé wá lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, ó ní òun ò rí omi kankan. Àwọn ọlọ́pàá ní kí a lọ parí ẹ̀ nílé. Níbo gan-an ni kí n gbé e gbà, kí ni kí n sì kọ sínú ìwé?

Dèjì Alágbára

Màmá, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìwé kankan. Ẹ pe àwọn Ẹ́fáàgì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń kó ìdọ̀tí gọ́tà, wọ́n á wá fọ́ kọnkéré yẹn dànù. Bí wọn ò bá wá, ẹ gbé onílé náà lọ sí kóòtù kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2018, ẹjọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ti ẹni òkè rọrùn jù lọ: ẹ po sìmẹ́ńtì lálẹ́ òní, kí ẹ fi dí ẹnu paìpù náà. Tí omi bá padà sí pálọ̀ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá kan ilẹ̀kùn yín.

Ìyá Rọ́fíà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá Ṣadé. Ọ̀rọ̀ omi ṣaláńgá yìí kò ṣe é fi ṣeré, àìsàn ló ń fà. Tiwa nìyẹn ní Ìbàdàn, sọ́kàwéè ará ẹ̀yìnkùlé wa kún, ó ń ṣàn bọ̀ lẹ́bàá kànga wa. Ọjọ́ kan péré tí a fi tó wolé-wolé létí, wọ́n dé, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣá ti bo kànga yín dáadáa, kí ẹ sì da oògùn sí i.

Màmá Ṣadé

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Omi òjò ni tiwa, kì í ṣe omi ṣaláńgá. Kò ní òórùn bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá ti sùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Tìámíyù Bíríkìlà

Màmá, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbé agboòrùn, ẹ lọ dúró níwájú géètì ẹni ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ wo gọ́tà kí ó tó wọ abẹ́ kọnkéré rẹ̀, kí ẹ sì wò ó níbi tó ti jáde. Bí omi bá kún dé etí gọ́tà lápá tiyín, tó sì jẹ́ pé níbi tó ti jáde kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, abẹ́ kọnkéré yẹn ni ìdènà wà, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kún bákan náà lápá méjèèjì, ọkùnrin yẹn kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ìdènà náà wà níwájú sí i, bóyá lójú kànáà tí gọ́tà yín ń tú sí. A jẹ́ pé ibòmíràn ni ìwé yín máa gbà.

Ohun tí mo sábà máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Gọ́tà àdúgbò fẹ̀ tó ínṣì 18, ó jìn tó ínṣì 24. Onílé tó fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ wọlé á ra paìpù oníńṣì 6, á tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ gọ́tà, á wá da kọnkéré lé e lórí títí yóò fi bá títì dọ́gba. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe dáadáa, torí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀nà náà wò. Ínṣì 18 lọ́nà 24 jẹ́ 432. Ẹnu paìpù oníńṣì 6, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, kò ju 28 lọ. Ìyẹn ni pé nínú ọ̀nà 15 tí omi ní tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún un. Kí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì mẹ́ta wá lẹ̀ mọ́ ẹnu paìpù, ẹyọ kan yẹn náà á lọ.

Omi tó ń bọ̀ níbẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Púlọ́ọ̀tì kan tó fẹ̀ ní mítà 18, tó gùn ní mítà 36, jẹ́ 648. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 32,400 nìyẹn, bíi dúrọ́ọ̀mù ńlá 162. Níbi tí koríko àti yẹ̀pẹ̀ bá wà, ilẹ̀ á mu díẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi òrùlé àti íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo dúrọ́ọ̀mù náà ló ń wá ọ̀nà sí gọ́tà. Ẹ wá ka iye ilé tó wà lókè yín láàárín yín àti orí títì.

Dèjì Alágbára

Bíríkìlà ti di tíṣà ìṣirò. Màmá ń rì, ẹ ń pín 432 sí ọ̀nà 15.

Tìámíyù Bíríkìlà

Ìṣirò yẹn gan-an ni yóò wọ inú ìwé, Dèjì. Tí ẹnjiníà káńsù bá ka "ó dí gọ́tà", á ní ìjà àdúgbò ni. Tó bá ka "ó fi paìpù oníńṣì 6 sínú gọ́tà oníńṣì 18", á mọ̀ pé ẹni tó rí nǹkan ló kọ ọ́.

Alàgbà Wolé-wolé

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bíríkìlà ti bá mi sọ ìdajì. Màmá Ṣadé, ẹjọ́ méjì ni ẹ dì sínú ẹrù kan, ìdí tí ó fi ṣòro láti gbé nìyẹn.

Gọ́tà tó wà níwájú géètì ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe tiyín. Gọ́tà ìgboro ni. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ṣíṣe àti ìtọ́jú títì àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin àyíká ìpínlẹ̀ Èkó ti 2017 náà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni dí ojú omi. Nítorí náà, ní ti kọnkéré yẹn, ẹ kò nílò láti fi hàn pé ọ̀tá yín ni ọkùnrin náà. Nǹkan ìlú ni ó dí. Ẹlẹ́rìí lásán ni ẹ jẹ́, àwọn káńsù ló ni ẹjọ́.

Paìpù tó gba inú fẹ́ǹsì yàtọ̀. Ilé ẹnìkan ló ti jáde, ilé ẹlòmíràn ló wọ̀. Wolé-wolé lè dá sí i bí omi náà bá ń dúró tí ẹ̀fọn ń pamọ sínú rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ omi ìfọṣọ àti omi balùwẹ̀. Bí kò bá ju omi òjò tó ń ṣàn kọjá lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wa á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìpẹ̀tù tàbí ti kóòtù ni. Tí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sínú ìwé kan, ẹni tó kà á á rí apá tí kò kàn án, á sì fi apá tó kàn án dúró dè é.

Ní ti wolé-wolé tó wá nígbà oòrùn, ẹ má bínú sí i jù. Ìwé yín ló sọ pé omi wà, ó wá wo omi. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ gbẹ, omi máa ń fi ojú ibi tó dé sílẹ̀. Ẹ fi ìlà tó wà lára ògiri hàn án, èyí tí ẹrẹ̀ fi sílẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ mú un dé ẹnu paìpù abẹ́ kọnkéré kí òun náà wọn ẹnu rẹ̀. Ẹ fi iyanrìn tó ti jókòó sínú gọ́tà lápá tiyín hàn án. Omi tó bá ń sáré kì í da iyanrìn sílẹ̀, èyí tó bá dúró nìkan ló máa ń dà á. Iyanrìn tó nípọn lápá òkè kọnkéré, tí apá ìsàlẹ̀ sì mọ́, ẹ̀rí tó lágbára ni fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì tí nọ́ḿbà ilé hàn, kí ẹ rìn wọ inú ọgbà láì pa á. Fídíò tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn á ní ibòmíràn ni.

Fọlákẹ́ Pẹ́kámù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo ní ilé sí Èkó, àwa ni irú ẹni tí ẹ ń bú yìí. Kẹ́átékà mi ló da kọnkéré sí iwájú géètì, mi ò mọ̀ títí ẹnìkan fi bú mi lórí Wásáàpù àdúgbò. Ṣé ẹnì kankan ti pe ọkùnrin yẹn kí wọ́n tó kọ̀wé? Ẹlòmíràn nínú wa á sanwó àtúnṣe lọ́jọ́ kan náà tó bá mọ̀. Mo tún fẹ́ béèrè: àwọn òṣìṣẹ́ kan gba owó lọ́wọ́ kẹ́átékà mi, wọ́n ní owó àṣẹ láti bo gọ́tà ni. Tí wọ́n bá ti gbowó, kí ló tún kù?

Dèjì Alágbára

Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù, tó bá jẹ́ pálọ̀ tiyín ni omi wà, ẹ kò ní bèèrè bóyá wọ́n ti pè yín.

Alàgbà Wolé-wolé

Dèjì, rọra. Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Fọlákẹ́, ẹ ní kí kẹ́átékà yín fi ìwé àṣẹ hàn yín. Rìsíìtì owó kì í ṣe ìwé àṣẹ. Èyí tó bá jẹ́ ìwé àṣẹ gidi máa sọ bí ihò omi ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní in lọ́wọ́, kò bo ẹni tó bá fi paìpù kékeré dípò ihò tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní ti ẹni tí kò sí nílé, káńsù kì í dúró dè é títí yóò fi dé. A máa ń fún ẹni tó ń gbé inú ilé ní nótíìsì, tàbí ẹni tó ń bójú tó o. Bí kò bá sí ẹnì kankan, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, a ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi mú ìdènà náà kúrò á wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí nǹkan kan kò yí padà, ọ̀gá wolé-wolé lè gbé e lọ sí mágísíréètì. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọkùnrin náà, Màmá. Kò dí nótíìsì lọ́wọ́.

Lọ́yà Kẹ́hìndé

Mo fẹ́ tún nǹkan díẹ̀ tí Dèjì sọ ṣe, torí àwọn ènìyàn máa tẹ̀ lé e.

Kóòtù kékeré ti 2018 wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, èyí tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ̀yáwó, owó ọjà, owó ilé tí ayálégbé kò san. Ìbàjẹ́ tí omi ṣe sí kápẹ́ẹ̀tì àti fìríìjì yín kò tíì ní iye tí ẹni méjèèjì gbà, nítorí náà kì í ṣe gbèsè. Pàápàá jù, owó kọ́ ni ẹ fẹ́ jù, ṣebí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí paìpù náà padà ni. Àṣẹ tó ń dá ènìyàn lẹ́kun bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ni mo máa gbé e lọ, owó àti àkókò rẹ̀ sì pọ̀.

Ti sìmẹ́ńtì tó ní kí wọ́n fi dí paìpù lóru, ẹ má dán an wò. Bí omi bá ṣẹ́rí padà tó sì wó fẹ́ǹsì ẹni òkè, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lánàá á sì di ẹlẹ́bi lónìí.

Nǹkan kan tún wà tí ará òkè lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí Màmá mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ jókòó sí iwájú ẹnikẹ́ni. Òfin ilẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn gẹ̀ẹ́sì kò dá ènìyàn lẹ́bi torí pé ilẹ̀ rẹ̀ ga, tí omi òjò sì ń ṣàn láti ibẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi ti wọlé ni ìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí omi padà: tó bu yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ kó lè ga, tó kó omi òrùlé jọ sínú paìpù kan, tó wá dojú rẹ̀ kọ ibì kan ṣoṣo. Paìpù inú fẹ́ǹsì yẹn ni ẹjọ́ yín dúró lé. Ilẹ̀ tó ga nìkan kò tó.

Ọlọ́pàá ò ṣẹ̀ ní ti pé wọn kò mú ẹnikẹ́ni. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹ gba ibùdó ìpẹ̀tùsááwọ̀ ìjọba Èkó lọ, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sítísìnì Mẹ́díéṣọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ ìwé ìpè sí ẹni òkè. Bí ẹ bá fẹnu kò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á fọwọ́ sí i.

Dèjì Alágbára

Bí kò bá wá ńkọ́?

Lọ́yà Kẹ́hìndé

Wọn kò lè fi ipá mú un wá. Ìwé ìpè tí kò dáhùn á ṣì wúlò fún Màmá lọ́jọ́ iwájú, torí adájọ́ á rí i pé ó gbìyànjú.

Màmá Ṣadé

Òjò rọ̀ lálẹ́ àná, mo sì lọ síbẹ̀ bí Bíríkìlà ṣe ní. Lápá tèmi, omi ti kọjá etí gọ́tà, ó ń ṣàn lórí títì wọ géètì mi. Níbi tó ti jáde lẹ́yìn kọnkéré, àwọn ọmọdé lè dúró sínú rẹ̀ láì jẹ́ kí ṣòkòtò wọn tutù. Paìpù méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ìkejì ti di pátápátá. Mo ya fídíò láti ojú títì dé àtẹ̀gùn. Ìwé tí mo kọ tẹ́lẹ̀ sì rèé, mo kọ apá kan rẹ̀: "Aládùúgbò mi fẹ́ pa èmi àti àwọn ọmọ mi, torí pé ó lówó, kò sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo bẹ ìjọba kó gbà mí."

Ìyá Rọ́fíà

Ìwé yẹn á mú mi sunkún, Màmá.

Alàgbà Wolé-wolé

Á mú Ìyá Rọ́fíà sunkún, kò ní mú ẹnikẹ́ni dìde lórí àga ní káńsù. Mo ti jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. A kì í mọ ibi tí gọ́tà wà, a kì í mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí, kí ẹ fi orúkọ, nọ́ḿbà àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bá wọ̀n sí ibi tó yẹ:

"Sí Olórí Ẹ̀ka Ìlera Àyíká. Ìdènà gọ́tà ìgboro níwájú ojúlé tó tẹ̀ lé tèmi lápá ìsàlẹ̀.

Gọ́tà apá ọ̀tún títì wa fẹ̀ ní ínṣì 18, ó sì jìn ní ínṣì 24. Níwájú ojúlé yìí, wọ́n ti fi paìpù oníńṣì 6 méjì sínú rẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé e tí a kò lè ṣí. Paìpù kan ti di. Nígbà òjò, omi kún kọjá etí gọ́tà ṣáájú kọnkéré náà, kò sì tó ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Omi gba orí títì wọ ọgbà mi. Ibi tó ga dé lára ògiri wà níbẹ̀ láti wọ̀n. Fídíò àti fọ́tò wà pẹ̀lú ìwé yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ wá yẹ ibẹ̀ wò, kí ẹ fún onílé tàbí ẹni tó ń bójú tó o ní nótíìsì láti mú ìdènà kúrò, kí ẹ sì sọ irú ìbòrí tí ó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, kí n lè wà nílé."

Ìwé náà ti parí nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò rí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó gọ́tà àti kànáà lábẹ́ ilé iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni òkè sínú rẹ̀ rárá.

Tìámíyù Bíríkìlà

Paìpù méjì náà kò tó o. 28 lọ́nà méjì jẹ́ 56, kò tíì tó ìdá kan nínú méje 432.

Alága Ẹgbẹ́ Onílé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ yìí ti fọ́ míítìn wa rí. Mo fẹ́ fi kún un pé Ẹ́fáàgì tí Dèjì dárúkọ dára, ṣùgbọ́n kíkó ni iṣẹ́ wọn. Wọn á fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ tó wà níta, wọn kò lè wọ abẹ́ kọnkéré tí kò ní ojú. Tiwa, wọ́n kó ẹrẹ̀ náà jọ sí etí gọ́tà, mọ́tò tó yẹ kó wá gbé e kò tètè dé, òjò tó tẹ̀ lé e tì í padà sínú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó gọ́tà kí ó ti wá bárò àti ibi tí wọ́n máa dà á sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kò sí ẹni tí a máa dí lọ́wọ́ láti wọlé pẹ̀lú mọ́tò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi paìpù síbẹ̀, kí ó sì fi kọnkéré tí a lè gbé kúrò bo gọ́tà. Àwọn kan gbà, àwọn kan kọ̀. Ẹni tó ṣorí kunkun jù nínú wa, akápò ẹgbẹ́ ni.

Fọlákẹ́ Pẹ́kámù

Bíríkìlà, irú kọnkéré tí wọ́n lè gbé kúrò yẹn, báwo ló ṣe máa nípọn tó tí mọ́tò mi kò ní já a?

Tìámíyù Bíríkìlà

Fún gọ́tà oníńṣì 18, mo máa ń ṣe é ní gígùn ínṣì 24, kí ínṣì 3 lè jókòó sórí ògiri gọ́tà lápá kọ̀ọ̀kan. Ìbú rẹ̀ ínṣì 18, nínípọn ínṣì 5, pẹ̀lú irin nínú, kí irin náà sún mọ́ apá ìsàlẹ̀, kì í ṣe òkè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe, tí kọnkéré fi ń ya. Ẹ fi irin méjì tí a tẹ̀ bí ìwọ̀ sí i fún gbígbé. Ẹyọ kan á wúwo tó bíi kílò 85, ọkùnrin méjì lè gbé e. Tí mọ́tò yín bá jẹ́ tírélà, ẹ bá ẹnjiníà sọ̀rọ̀, èmi ò sí níbẹ̀. Géètì tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 á gba ẹyọ 8.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ àlàfo àárín wọn pọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí eku má baà jáde.

Dèjì Alágbára

Ẹ gbọ́, kí ló dé tí Màmá kò kàn bu yẹ̀pẹ̀ kún ọgbà wọn kó ga ju ti gbogbo wọn lọ? Bàbá mi ṣe é, omi kò wọ ilé wa mọ́.

Tìámíyù Bíríkìlà

Ta ló wá gba omi náà, Dèjì?

Dèjì Alágbára

Ilé ẹ̀gbẹ́.

Lọ́yà Kẹ́hìndé

Ó ti dáhùn.

Màmá Ṣadé

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Káńsù gba ìwé tuntun náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Wolé-wolé míràn ló wá, obìnrin ni, ó kàn ti igi bọ inú paìpù náà, ó rí i pé kò wọlé, ó sì wọn gọ́tà. Nótíìsì ti wà lára géètì wọn báyìí, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò tíì pé. Mo pe onílé náà. Ó bínú ná, lẹ́yìn náà ó ní òun máa fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n dá sí owó rẹ̀, ó ní èmi ni mo ń jẹ àǹfààní ibẹ̀.

Ẹni òkè kò dáhùn ìwé ìpè Mẹ́díéṣọ̀n. Ó ní omi Ọlọ́run ni, pé kì í ṣe òun ló rọ òjò.

Lọ́yà Kẹ́hìndé

Ní ti owó, ẹ kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Nótíìsì kò kọ orúkọ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ràn án lọ́wọ́ kí àlàáfíà lè wà, ẹ̀yin lẹ mọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó máa dà bíi pé ẹ gbà pé iṣẹ́ yín ni.

Alága Ẹgbẹ́ Onílé

Èmi máa dá díẹ̀. Lọ́yà kò gbé àdúgbò yẹn. Tí ẹ bá jọ fẹ́ máa kí ara yín láàárọ̀, owó sìmẹ́ńtì àpò méjì kò pọ̀ jù.

Lọ́yà Kẹ́hìndé

Àwa méjèèjì kò ní fohùn ṣọ̀kan lórí èyí, Alága.

Tìámíyù Bíríkìlà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ti ẹni òkè tó ń sọ pé omi Ọlọ́run ni. Lọ́yà ti sọ pé ohun tó fọwọ́ rẹ̀ ṣe la gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹ ra rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwa bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹ rọ omi sínú rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sí àárín rẹ̀. Ẹnìkan di orí kan mú mọ́ fẹ́ǹsì lápá tiyín. Ẹnìkejì di orí kejì mú lójú títì níbi tí ilẹ̀ kò tíì yí padà, ní iwájú ilé ẹni òkè. Ibi tí omi bá dúró sí nínú rọ́bà lápá méjèèjì dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ sí ilẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbà kí ẹ wọlé, tàbí kí ẹ wò ó láti ẹnu géètì rẹ̀, ẹ tún wọ̀n ti inú ọgbà rẹ̀. Bí inú ọgbà bá ga ju ojú títì iwájú rẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tí àwọn ilé yòókù sì bá títì dọ́gba, ó bu yẹ̀pẹ̀ kún un ni. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a jẹ́ pé paìpù nìkan ni ẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ ka iye bíríkì tó hàn lára fẹ́ǹsì lápá tiyín àti lápá tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ohun tó bá jáde síbí, kí n tó sọ ohunkóhun mọ́.

Màmá Ṣadé

Lápá tèmi, bíríkì 9. Lápá tirẹ̀, ọmọ mi gun àkàbà yọjú, ó ní 7 ló hàn. Ta ló ní rọ́bà kí n yá ní ìhà ibí?